Sátidé Ìparí Oṣù: Ìrìn-àjò Ìlànà Ìjọba Kan láti 1984 dé 2016

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì pè mí lórí fóònù. Ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, "Prọ́f, sà, alága wa ní kí n kọ ètò kan jáde. Wọ́n fẹ́ kí a dá sanitéṣọ̀n padà. Mo ti kọ ọ́ tán, mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó ni."

Mo ní kó kà á fún mi. Ọjọ́ wà níbẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, owó ìtanràn wà níbẹ̀, àwọ̀ aṣọ tí àwọn agbófinró yóò wọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Mo bi í pé, "Ọkọ̀ mélòó ni yóò kó ìdọ̀tí náà, ọjọ́ wo ni wọn yóò sì kó o?" Ó dákẹ́. Mo tún bi í pé, "Òfin wo lẹ fẹ́ fi mú ẹni tó bá jáde?" Ó ní, "Àṣẹ alága ńkọ́, sà?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1985 sí 2016 ni ọmọ yìí fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Òun ni mo ń dá lóhùn, àmọ́ gbogbo yín ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Òbírí tí mo máa ń yà sójú pátákó

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi yóò rántí òbírí kan tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà. Mo máa ń sọ pé ìlànà ìjọba ń gba ipele márùn-ún kọjá. Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀rọ̀ wọ agbo, kí àwọn tó ń ṣèjọba tó gbà pé ìṣòro kan tó ohun tí àwọn gbọ́dọ̀ dá sí. Èkejì ni kí wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ, kí wọ́n gbé oríṣiríṣi ọ̀nà wò, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ẹni tí òfin fún ní agbára sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Ẹ̀kẹrin ni ìmúṣẹ. Ẹ̀karùn-ún ni ìgbéléwọ̀n, kí a yẹ iṣẹ́ náà wò bóyá ó ṣe ohun tí a torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tí a bá rí yóò gbé wa padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Harold Lasswell, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ pín in sí ipele báyìí ní 1956. Méje ni tirẹ̀, ó sì ya òpin ìlànà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ipele kan gedegbe. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di márùn-ún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbàgbé òpin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àwọn kan máa ń sọ pé òbírí yìí kì í ṣe òótọ́, pé kò sí ìjọba kan tó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ èmi kò kọ́ yín pé báyìí ni ìjọba ṣe ń ṣe. Mo kọ́ yín kí ẹ lè rí ipele tí wọ́n fò. Ohun tí ìjọba bá fò kì í lọ, ibì kan ló ti ń dúró dè é níwájú. Kò sí ibi tí mo ti rí i kedere tó ti Sátidé ìparí oṣù ní Èkó.

Kí Sátidé tó dé, wolé-wolé ti wà

Ìmọ́tótó kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn sójà. Àwọn àgbà wa mọ wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ni, tó ń wọ kàkí, tó ń wọlé sí agbo ilé láìkàn ìlẹ̀kùn, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Tó bá rí i, yóò da omi náà nù, yóò sì kọ orúkọ olórí ilé sínú ìwé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, agbára wọn tún pọ̀ sí i.

A kórìíra wọn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n sì máa ń gba rìbá. Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Wolé-wolé ní òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́wọ́, tó sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti iye ìtanràn rẹ̀. Ìkejì, ohun tí ó ń wò ni ìdọ̀tí fúnra rẹ̀: ìkòkò yìí, gọ́tà yìí, ṣáláńgá yìí. Kì í béèrè bóyá o wà nílé tàbí o jáde. Bí ilé rẹ bá mọ́, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o lọ. Méjèèjì ni a ó pàdánù níkẹyìn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ agbo

Èkó kún fún èèyàn lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, pàǹtí sì pọ̀ ju ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lè kó lọ. Ní 1977, ọdún tí ayé wá ṣe FẸSTAC lọ́dọ̀ wa, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ kan sílẹ̀ fún kíkó ìdọ̀tí, èyí tó di LAWMA ní 1991. Nítorí náà ìṣòro wà, gbogbo ènìyàn sì rí i. Ṣùgbọ́n ìṣòro lè wà lójú títì fún ogún ọdún kí ó má wọ agbo.

Ọ̀mọ̀wé kan, John Kingdon, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1984. Ó ní odò mẹ́ta ló ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: odò ìṣòro, odò ọ̀nà àbáyọ, àti odò òṣèlú. Ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé ni fèrèsé kan ń ṣí, kì í sì í pẹ́ kó tó tì. Ẹni tó bá ti ní ohun kan lọ́wọ́ ni yóò ráyè tì í gba ibẹ̀ wọlé.

Ọdún tí ìwé Kingdon jáde gan-an ni fèrèsé tiwa ṣí. Àwọn sójà gbàjọba ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1983. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ló di olórí, Tunde Idiagbon sì ni igbákejì rẹ̀. Ní Oṣù Kẹta 1984 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Ìgbógun-ti-Ìwà-Àìníjàánu, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "Wáì". Ìlà títò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń tò ní ibùdókọ̀, tí sójà dúró pẹ̀lú kòbókò? Ìmọ́tótó àyíká ni ipele karùn-ún ètò náà, Oṣù Keje 1985 ni wọ́n sì ṣí i, ní Kánò. Láti ibẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ti di ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbálẹ̀.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ 1985, àwọn sójà mìíràn lé wọn lọ. Ìlà títò parẹ́, kòbókò parẹ́. Sátidé ìparí oṣù nìkan ló dúró. Ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn ló sin àwọn òbí rẹ̀, tó sì tún lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn wọn.

Orúkọ tí a fún àìsàn ni a fi ń wá oògùn rẹ̀

Ibi tí mo máa ń dúró sí pẹ́ ní kíláàsì ni ipele kejì. Bí ìjọba bá ṣe pe ìṣòro ni yóò ṣe wá ojútùú sí i. Bí wọ́n bá ní gọ́tà kún nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí, owó ni wọn yóò wá, wọn yóò ra ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní ó kún nítorí pé wọn kò la gọ́tà náà dáadáa, tí omi kò ríbi gbà, ẹnjiníà ni wọn yóò pè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ó kún nítorí pé àwọn ará ìlú jẹ́ aláìníjàánu, ìyà ni oògùn rẹ̀.

Orúkọ ètò náà ti sọ èyí tí wọ́n mú. Àwọn sójà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní owó lọ́dún náà, nítorí owó epo ti wálẹ̀. Ọkọ̀ wọ́n, àṣẹ kò wọ́n. Ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ológun jù ni àṣẹ, òun náà ni wọ́n sì ná. Gbogbo ènìyàn yóò jókòó sí àdúgbò wọn láti aago méje sí aago mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ lójú títì, wọn yóò gbálẹ̀, wọn yóò kó gọ́tà.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé o. Èrò kan wà nínú rẹ̀ tí kò burú. Gọ́tà jẹ́ ohun àjùmọ̀ní. Bí èmi nìkan bá kó iwájú ilé mi, tí ẹni tó wà lápá ìsàlẹ̀ kò kó tirẹ̀, omi yóò padà wá bá mi. Kí gbogbo ojúlé kó o lọ́jọ́ kan náà bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ èrò náà kò béèrè ohun kan: lẹ́yìn tí a bá kó o jáde nínú gọ́tà, níbo ló ń lọ?

Ipele tí wọ́n fò

Lábẹ́ ìjọba ológun, ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà ológun tó láti dá gbogbo ìlú dúró, ta ni yóò bi í? Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 1999, ìwé òfin tuntun dé pẹ̀lú rẹ̀. Abala 41 ìwé òfin náà ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti máa lọ síbi tó bá wù ú ní orílẹ̀-èdè yìí. Abala 36, níbi ìlà kejìlá, ní a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìyà rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé Sátidé ìparí oṣù lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n bi ara wọn pé, ṣé a ṣì fẹ́ èyí? Bí a bá fẹ́ ẹ, wákàtí mélòó? Ta ni a ó yọ sílẹ̀, aláìsàn, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú? Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ìmọ́tótó àyíká ní 2000 lóòótọ́. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ onílé, iwájú ilé, gọ́tà àti pàǹtí. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde láti aago méje sí mẹ́wàá. Àṣẹ àtijọ́ ló kàn ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, bí ọkọ̀ tí awakọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ tó ṣì ń yí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ wa lára ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1985 ti ń ṣègbéyàwó nígbà tí ọ̀ràn náà dé kóòtù. Lójú tiwọn, òfin ni. Ohun tó bá ti pẹ́ ń jọ òfin lójú ẹni tó bá a láyé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín aago méje sí mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí ní òpópónà wa ní Èkó, nígbà tí mo ṣì ń gbé ibẹ̀. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn obìnrin ti ń gbálẹ̀. Ní aago méje, àwọn ọkùnrin díẹ̀ yóò gbé ṣọ́bìrì jáde. Wọn yóò ṣí páálí tàbí pákó tó bo gọ́tà, wọn yóò máa wa ẹrẹ̀ dúdú jáde, ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ tútù wúwo, ó sì ń rùn, kò ṣeé dì sínú àpò. Nítorí náà etí gọ́tà ni a máa ń kó o jọ sí, kí ó lè gbẹ. Nígbà tí yóò bá fi di aago mẹ́sàn-án, òkìtì ti tò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀. Àwọn ọmọdé á wá gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tó ṣófo, àwọn mìíràn á padà lọ sùn.

Ọkọ̀ ló yẹ kí ó wá kó òkìtì náà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dé. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, òkìtì á gbẹ, táyà ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ fọ́, afẹ́fẹ́ á gbé e wọlé tọ̀ wá wá. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, òjò Ọjọ́ Ìṣẹ́gun á gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà tí a ti wà á jáde. Mo rántí aládùúgbò mi kan, bàbá kan tó jẹ́ télọ̀. Ó ní, "Ẹrẹ̀ yìí kan náà ni mo ń wà láti oṣù kẹrin. Mo ti mọ̀ ọ́n lójú."

Kí ló fà á? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fi iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àṣẹ Sátidé wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọkọ̀ wà lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ àti àwọn aládàáni tí wọ́n gbà síṣẹ́, àwọn yìí sì ń gba owó lórí pàǹtí inú ilé, kì í ṣe lórí ẹrẹ̀ gọ́tà. Ẹrẹ̀ náà kò ní bàbá.

Ní 1973, Jeffrey Pressman àti Aaron Wildavsky kọ ìwé kan lórí ìmúṣẹ, lẹ́yìn tí wọ́n wo bí ètò ìjọba kan ṣe dàrú ní ìlú Oakland. Wọ́n fi ìṣirò hàn pé bí ọwọ́ tí iṣẹ́ gbà kọjá bá ti pọ̀, ìrètí ń dín kù, bí olúkúlùkù tilẹ̀ ní inú rere. Ẹ jẹ́ ká fi òpópónà wa ṣe é. Ọwọ́ márùn-ún ló wà: onílé ní láti wà á jáde, ìjọba ìbílẹ̀ ní láti ránṣẹ́ pe ọkọ̀, ọkọ̀ ní láti ní epo kí ó sì jáde, ó ní láti ríbi gbà wọ òpópónà, ààtàn ní láti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ ní ìgbà 9 nínú 10. Ẹ̀yin yóò rò pé iṣẹ́ náà yóò parí ní ìgbà 9 nínú 10. Rárá o. Ẹ fi 0.9 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, 0.59 ni ẹ ó rí. Nínú ọgọ́rùn-ún Sátidé, bí 59 péré ni ẹrẹ̀ yóò fi òpópónà náà sílẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ń jáde ní ìgbà 3 nínú 10, tí àwọn mẹ́rin yòókù ṣì wà ní 9, bí 20 ló kù. Sójà tàbí ọlọ́pàá tó dúró ní oríta kò lè yí iye yìí padà. Ọwọ́ àkọ́kọ́ nìkan, ìyẹn onílé, ni ó lè tì. Mẹ́rin tó kù kò bẹ̀rù kòbókò, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ àti àwọn tó gbà síṣẹ́ ni.

Ìgbéléwọ̀n tí kò wáyé

Fún ọgbọ̀n ọdún, báwo ni ìjọba ṣe ń mọ̀ pé sanitéṣọ̀n oṣù kan lọ dáadáa? Ẹ gbọ́ ìròyìn aago mẹ́rin tọ́jọ́ náà: ojú títì dá páropáro, wọ́n mú àwọn tó rú òfin, kóòtù alágbèéká bu owó ìtanràn lé wọn lórí. Ìròyìn ìgbọ́ràn nìyẹn, kì í ṣe ìròyìn ìmọ́tótó. Ó sọ ohun tí a ṣe fún wa, kò sọ ohun tó yí padà.

Kò ṣòro láti wọn ohun tó yí padà. Ẹ mú ogún òpópónà, kí ẹ sàmì sí ibi mẹ́wàá nínú gọ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ọ̀pá tí ẹ fà ìlà sí lára. Ẹ ki ọ̀pá bọ gọ́tà ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, kí ẹ kọ bí ẹrẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ padà lọ ní Sátidé ní ọ̀sán. Ẹ tún padà lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bí ẹrẹ̀ bá wálẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ó sì tún ga ní ìkejì, iṣẹ́ àwọn ará àdúgbò kò lẹ́bi, ibi tí ẹ ń kó o sí ló lẹ́bi. Bí kò bá tilẹ̀ wálẹ̀ rárá, àwọn ènìyàn ń sùn ni. Bí ó bá wálẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ má sì ṣe fi oṣù òjò wé oṣù ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òjò nìkan lè gbá gọ́tà mọ́ tàbí kó dí i. Ọ̀pá, ìwé, àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

Ẹ wá wo iye tó ná wa. Wákàtí mẹ́ta lóṣù jẹ́ 36 lọ́dún. Ẹni tó pa á mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ti fi 1,080 wákàtí sílẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 45 gbáko, tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ta àkàrà láàárọ̀ Sátidé, tàbí awakọ̀ tó ní láti san owó ọkọ̀ fún ọlọ́kọ̀, mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ó tọ́ kí a san owó yẹn. Àmọ́ ta ló bi wá?

Kóòtù di olùgbéléwọ̀n

Níkẹyìn ẹnìkan béèrè, kì í sì í ṣe ìjọba. Agbẹjọ́rò kan ní Èkó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀. Ní Oṣù Kẹta 2015, Adájọ́ Mohammed Idris dájọ́ pé kò sí òfin kankan tó fún ìjọba láṣẹ láti dá ènìyàn dúró sílé ní wákàtí wọ̀nyẹn, pé ó tako ẹ̀tọ́ ìrìn-kiri. Adájọ́ kò ní kí a má gbálẹ̀ o. Ohun tó sọ ni pé ẹ lè ní kí a gbálẹ̀, ẹ kò lè fi àṣẹ lásán ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ìjọba kò dá ètò náà dúró lẹ́yìn ìdájọ́ yìí.

Obìnrin kan náà tún wà. Wọ́n mú un ní Sátidé ìparí oṣù kan ní 2013, wọ́n gbé e dé kóòtù alágbèéká, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ó pe ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọn kò dá a láre ní kóòtù tó kọ́kọ́ lọ, ó sì gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ní Oṣù Kọkànlá 2016, ilé ẹjọ́ náà dá a láre. Wọ́n ní àṣẹ tí gómìnà fi ẹnu pa kì í ṣe òfin tí a kọ sílẹ̀, a kò sì lè torí rẹ̀ pe ènìyàn ní ọ̀daràn. Ní oṣù kan náà, ìjọba Akinwunmi Ambode fagi lé sanitéṣọ̀n oṣooṣù ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ wá wo bó ṣe rí. Ipele kẹta tí wọ́n fò ní 1999 ló dúró de ètò náà ní 2016. Èyí tó sì dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Kóòtù dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó bófin mu? Iṣẹ́ kóòtù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè kejì: ṣé ó ń mú kí gọ́tà mọ́? Nítorí pé a kò wọ̀n ọ́n rí, nígbà tí òpin dé, a kò mọ èwo nínú rẹ̀ ló yẹ kí a tọ́jú. Bóyá ọjọ́ kan tí gbogbo ojúlé ń jáde pọ̀ wúlò, láìsí títì títì pa. Bóyá kò wúlò rárá. A da gbogbo rẹ̀ nù pọ̀. Ìdí nìyí tí Lasswell fi ya òpin sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ipele. Ó yẹ kí a pinnu òpin pẹ̀lú ohun tí a mọ̀ lọ́wọ́. Tiwa kàn já lé wa lórí.

Èsì mi sí ọmọ mi

Nítorí náà, ìwọ tí o pè mí, èsì rẹ rè é. Fi ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ ná. Kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ni ọkọ̀, kí o gba ìwé lọ́wọ́ wọn, tó sọ ẹni tí yóò kó ẹrẹ̀, wákàtí mélòó lẹ́yìn tí a bá wà á jáde, àti ẹni tí yóò san owó epo. Bí o kò bá rí ìwé yẹn gbà, má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì.

Lẹ́yìn náà, gbé ètò náà lọ sí ìgbìmọ̀ àwọn kánsílọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di òfin ìbílẹ̀, kí ohun tí yóò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì jẹ́ gọ́tà tó dọ̀tí, kó má jẹ́ ènìyàn tó ń rìn lójú títì. Wolé-wolé mọ ìyàtọ̀ yẹn. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ki ọ̀pá bọ gọ́tà, kí o kọ ohun tí o rí sílẹ̀. Nítorí bí o kò bá mọ bó ṣe ga tó lónìí, kò sí bí o ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣe nǹkan kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé alága fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Sọ fún un pé bàbá rẹ kan ní oṣù mẹ́fà ni yóò gbà. Bó bá bínú, jẹ́ kó pè mí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ.